Dígírì, Ìṣẹ́jú àti Ìṣẹ́jú-àáyá: Bí A Ṣe Ń Sọ Wọ́n Di Nọ́ńbà Kan Ṣoṣo, Pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Mowe, Ibafo àti Ifo

Láti ìgbà tí a ti ṣí ọ̀nà-ńlá Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni ilé ti ń gba ipò oko ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, pàápàá ní agbègbè Mowe àti Ibafo ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ síbẹ̀ lónìí láti gba orúkọ àwọn abúlé àtijọ́ sílẹ̀ yóò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi tí àwọn àgbà ń tọ́ka sí ni ògiri tuntun ti bò mọ́lẹ̀. Igi tí a fi ń júwe abúlé kò sí mọ́. Odò tí ó jẹ́ ààlà ti di ojú àgbàrá. Ohun tí ó lè sọ fún ẹni ọ̀la pé níhìn-ín gan-an ni abúlé báyìí wà ni nọ́ńbà méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ sínú ìwé rẹ̀ láti ojú ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, èyí tí ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, tí àwọn ènìyàn ń pè ní jípíẹ́ẹ̀sì. Bí nọ́ńbà náà bá wọ́ nígbà tí a ń gbé e sínú kọ̀ǹpútà, abúlé náà ti sọnù lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣe àlàyé bí a ṣe ń yí i padà, àti ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń fi hàn. Bí a bá dúró ní Mowe, ó lè kọ ọ́ báyìí sí ojú rẹ̀:

```
N 06° 48' 30.0"
E 003° 26' 15.0"
```

Ìlà òkè ni ti ìbú: ó ń sọ bí ibi tí a wà ṣe jìnnà tó sí agbedeméjì ayé ní ìhà àríwá. Ìlà ìsàlẹ̀ ni ti òró: ó ń sọ bí a ṣe jìnnà tó sí ìlà tí ó gba Gíríníìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ní ìhà ìlà-oòrùn. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nọ́ńbà mẹ́ta ni ó wà. Èkíní ni dígírì, èkejì ni ìṣẹ́jú, ẹ̀kẹta ni ìṣẹ́jú-àáyá. Ìṣẹ́jú ti a ń wí yìí kì í ṣe ti aago, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni a gbà pín in: ọgọ́ta ìṣẹ́jú ni ó wà nínú dígírì kan, ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá ni ó sì wà nínú ìṣẹ́jú kan. Nípa bẹ́ẹ̀, 3600 ìṣẹ́jú-àáyá ni ó pé dígírì kan.

Àwọn ètò tí ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà kì í sábà fẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta wọ̀nyí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń bèèrè fún ìbú, àti ọ̀kan fún òró, tí ohun tí kò pé dígírì yóò sì wà lẹ́yìn àmì désímà. Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń kánjú yóò wo 6°48′30″, yóò sì tẹ 6.4830. Ó rò pé òun kàn pa àwọn àmì kékeré wọ̀nyẹn rẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ ọgọ́ta di ọgọ́rùn-ún.

Àwọn tí ó gbọ́njú kí náírà tó dé ní January 1973 kò ní ṣe irú àṣìṣe yìí lórí owó. Ogún ṣílè ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan nígbà náà. Bí ẹnìkan bá ní pọ́n-ùn mẹ́fà àti ṣílè mẹ́wàá, kò sí ọmọ oníṣòwò tí yóò sọ pé 6.10 ni owó rẹ̀. Pọ́n-ùn mẹ́fà ààbọ̀ ni, èyí tí í ṣe 6.50. A ní láti kọ́kọ́ bèèrè pé, mẹ́wàá nínú mélòó? Bákan náà ni pẹ̀lú dígírì. Ìṣẹ́jú 48 kì í ṣe 48 nínú ọgọ́rùn-ún. 48 nínú ọgọ́ta ni, èyí sì jẹ́ 0.8.

Ọ̀nà tí ó dára láti fi ọwọ́ ṣe ìṣirò náà ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ mú ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ fi 60 pín in, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ kún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ẹ fi 60 pín àpapọ̀ yẹn, kí ẹ fi èsì rẹ̀ kún dígírì. Ní ti ìbú Mowe tí a kọ sókè yìí, 30 tí a fi 60 pín jẹ́ 0.5, ìṣẹ́jú wá di 48.5, 48.5 tí a fi 60 pín jẹ́ 0.80833, ìbú náà sì di 6.80833. Ní ti òró, 15 tí a fi 60 pín jẹ́ 0.25, ìṣẹ́jú di 26.25, èyí tí a fi 60 pín jẹ́ 0.4375, òró náà sì di 3.4375. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹyọ kan báyìí yóò mọ ohun tí ó yẹ kí kọ̀ǹpútà fún un.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbé iṣẹ́ náà sínú ìwé ìṣirò alápòótí ti orí kọ̀ǹpútà, irú `Excel` tàbí `LibreOffice Calc`. Òfin àkọ́kọ́ ni pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àpótí tirẹ̀. Bí a bá tẹ 6°48′30″ pa pọ̀ sínú àpótí kan, ọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò kà á sí, kì í ṣe nọ́ńbà. A ó mọ̀ nítorí pé yóò fara ti apá òsì àpótí náà, nígbà tí nọ́ńbà máa ń fara ti apá ọ̀tún. Nítorí náà, ẹ fi òpó `A` sílẹ̀ fún orúkọ ibi. `B`, `C` àti `D` fún dígírì, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá ti ìbú. `E` fún lẹ́tà `N` tàbí `S`. Kí ẹ sì fi `F` sílẹ̀ fún èsì. Bákan náà, `G`, `H` àti `I` jẹ́ ti òró, `J` jẹ́ ti lẹ́tà `E` tàbí `W`, `K` sì ni èsì rẹ̀. Bí orí ọ̀rọ̀ bá wà ní ìlà kìn-ín-ní, tí Mowe sì wà ní ìlà kejì, ohun tí a ó tẹ̀ sínú `F2` nìyí:

```
=(B2+C2/60+D2/3600)*IF(E2="S",-1,1)
```

A ó sì tẹ èyí sínú `K2`:

```
=(G2+H2/60+I2/3600)*IF(J2="W",-1,1)
```

Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, àmì `;` ni ètò náà ń fẹ́ dípò `,`. Bí ó bá kọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó fa àpótí méjèèjì náà lọ sí ìsàlẹ̀, gbogbo àwọn ibi yòókù yóò sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá fi 6°44′24″ àti 3°25′12″ sílẹ̀ fún Ibafo, a ó rí 6.74 àti 3.42. Bí a bá fi 6°49′03″ àti 3°11′42″ sílẹ̀ fún Ifo, a ó rí 6.8175 àti 3.195.

Apá ìkẹyìn ìlànà náà, tí ó ń wo lẹ́tà, lè dà bí àṣejù fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kọjá Ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí pé `N` àti `E` ni gbogbo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí ń kọ́ nípa Yorùbá kì í dúró sí ilé nìkan. Ìlú Sàlífádọ̀ ní Bàíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, wà ní nǹkan bí 12°58′ ní gúúsù. Gúúsù gbọ́dọ̀ gba àmì àyọkúrò nínú désímà. Bí ẹnìkan bá kàn fi àmì náà síwájú dígírì, tí ó tẹ -12, tí ó sì ro ìṣẹ́jú mọ́ ọn, yóò rí -11.03, ìlú náà yóò sì fi ohun tí ó lé ní igba kìlómítà sún sí àríwá. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ó kọ́kọ́ ròpọ̀ kí àmì tó wọlé. Èsì tí ó tọ́ ni -12.967.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé, kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó kàn tẹ àmì désímà sí ààrin àwọn nọ́ńbà rẹ̀. Ìbú àti òró Mowe di 6.4830 àti 3.2615. Ibi tí nọ́ńbà méjì yìí ń tọ́ka sí wà nínú Ìpínlẹ̀ Èkó, ní ìhà Fẹ́sítáàkì, ó sì tó kìlómítà 41 sí Mowe. Ifo, tí ó wà lójú ọ̀nà rélùwéè, di 6.4903 àti 3.1142, ó ti kúrò ní ipò rẹ̀, ó ti lọ sí ìtòsí ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ìrìn kìlómítà 37. Abúlé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti di abúlé ìpínlẹ̀ mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí ilé.

Ohun tí ó mú kí àṣìṣe yìí léwu ni pé kì í fi ara hàn bí a bá wo àwọn ibi náà láàárín ara wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú kan, tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìpín kan nínú ọgọ́ta dígírì, ti di ìpín kan nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo àwòrán náà kàn sún kì, ó di nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti Mowe dé Ibafo, ní títọ́ àríwá sí gúúsù, ó yẹ kí ó jẹ́ kìlómítà 7.6 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ wa. Ó di 4.5. Láti Ifo dé Mowe, ní títọ́ ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ó yẹ kí ó jẹ́ kìlómítà 26.8, ó di 16.3. Síbẹ̀, Ibafo ṣì wà ní gúúsù Mowe, Ifo ṣì wà ní ìwọ̀-oòrùn àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó ya àwọn àmì náà sórí ìwé funfun, láìsí ojú ọ̀nà tàbí odò lábẹ́ wọn, yóò rí ojú tí ó mọ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè dá a mọ̀? Ọ̀nà kan ni kí a wo ohun tí ó wà lẹ́yìn àmì désímà nínú gbogbo òpó náà. Níwọ̀n bí ìṣẹ́jú kò ti lè ju 59 lọ, òpó tí a fi kánjúkánjú tẹ̀ kò ní ní ohun kan tí ó ju .5959 lọ láé. Bí ìwé kan bá ní ibi púpọ̀ láti oríṣiríṣi apá ilẹ̀ wa, tí kò sì sí .6, .7, .8 tàbí .9 kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ẹ má ṣe gbà á gbọ́. Ọ̀nà kejì wà fún agbègbè kékeré. A mọ̀ pé ìlú mẹ́ta wa yìí wà láàárín 6.7 àti 6.9 ní ìbú, àti láàárín 3.1 àti 3.5 ní òró. Ẹ tẹ èyí sínú `L2`, kí ẹ sì fà á sísàlẹ̀:

```
=AND(F2>6.7,F2<6.9,K2>3.1,K2<3.5)
```

Ibi tí ó bá dáhùn pé `FALSE` ni kí ẹ padà lọ wò nínú ìwé tí a kọ ní oko.

Nígbà mìíràn, ìwé oko ti sọnù, òpó tí kò tọ́ nìkan ni ó kù. A lè tún un ṣe, nítorí pé nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí 6.4830 bá wà ní `M2`, ẹ tẹ ìlànà kìn-ín-ní yìí sínú `N2`, ẹ tẹ èkejì sínú `O2`:

```
=ROUND(M2*10000,0)
=INT(N2/10000)+INT(MOD(N2,10000)/100)/60+MOD(N2,100)/3600
```

Èkíní yóò sọ ọ́ di 64830. Èkejì yóò yọ 6, 48 àti 30 jáde, yóò sì fún wa ní 6.80833. Ṣùgbọ́n àtúnṣe yìí ní ààlà. Bí ẹni tí ó tẹ 6°49′03″ ti Ifo bá gbàgbé òdo tí ó wà ṣáájú 3, tí ó tẹ 6.493, kọ̀ǹpútà yóò kà á sí 6°49′30″. Ìṣẹ́jú-àáyá 27 ni ó fi lé, èyí sì jẹ́ nǹkan bí mítà 830 lórí ilẹ̀. Kò sí ìlànà tí ó lè mọ̀ ọ́n, nítorí pé nọ́ńbà méjèèjì ni ó ṣeé ṣe. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kí a fi sílẹ̀ pẹ̀lú àkíyèsí pé a tún un ṣe, kí ẹni tí yóò lò ó mọ̀.

Ìdẹkùn kejì wà tí ó fara jọ ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọwọ́ kì í fi ìṣẹ́jú-àáyá hàn rárá bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé; dígírì àti ìṣẹ́jú oní-désímà ni wọ́n ń kọ. Mowe kan náà yóò wá jẹ́ `N 06° 48.500'`. Ìdajì ìṣẹ́jú ni .500 yẹn, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹni tí kò kíyè sí i yóò kọ 48′50″ sínú ìwé rẹ̀, yóò sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 sún ibẹ̀, ohun tí ó lé díẹ̀ ní mítà 600. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ ni ìṣẹ́jú-àáyá tí ó tó 60 tàbí tí ó jù ú lọ. Bí 48.750 bá ti di 48′75″ nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan, gbogbo ojú ewé rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fura sí, títí kan àwọn tí kò tó 60. Irú àkọsílẹ̀ yìí kò fẹ́ ìlànà mìíràn: ẹ tẹ 48.5 sínú òpó ìṣẹ́jú, ẹ fi òdo sí òpó ìṣẹ́jú-àáyá, ìlànà wa yóò sì dáhùn dáadáa.

Ó kù kí a sọ bí nọ́ńbà ẹ̀yìn désímà ṣe yẹ kí ó pọ̀ tó. Ní agbègbè tí a ń wí yìí, ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ nǹkan bí mítà 31 lórí ilẹ̀, ìbáà ṣe ní ìbú tàbí ní òró. Nọ́ńbà karùn-ún lẹ́yìn désímà jẹ́ mítà kan péré. Ẹ̀rọ ọwọ́ fúnra rẹ̀ lè fi mítà mẹ́ta sí mẹ́wàá ṣì í ní gbangba, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ igi tàbí láàárín ilé gíga. Nítorí náà nọ́ńbà márùn-ún tó. Kọ̀ǹpútà lè kọ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n márùn-ún ìkẹyìn kò ní ìtumọ̀. Bí ìwé oko bá sì ti pẹ́ ju 2 May 2000 lọ, ẹ rántí pé ṣáájú ọjọ́ náà ni ìjọba Amẹ́ríkà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da àmì tí gbogbo ènìyàn ń gbà rú, tí ẹ̀rọ fi lè ṣì í tó ọgọ́rùn-ún mítà. Kò sí ìṣirò tí ó lè dá èyí padà.

Ohun mìíràn tí ìṣirò wa kò lè ṣe ni kí ó yí ìpìlẹ̀ ìwọ̀n padà. Àwọn máàpù àtijọ́ ti ìjọba ilẹ̀ wa dúró lórí ìpìlẹ̀ tí a ń pè ní Minna, nígbà tí ẹ̀rọ ọwọ́ sábà máa ń lo èyí tí a kọ sójú rẹ̀ pé `WGS 84`. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà ní apá ibí yìí. Bí àwọn àmì yín bá ń ṣú jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ojú ọ̀nà lórí máàpù àtijọ́, tí gbogbo wọn sì sún ní iye kan náà, ìpìlẹ̀ ni ó yàtọ̀. Ẹ má ṣe wá ẹ̀bi sínú ìlànà désímà. Ó yẹ kí orúkọ ìpìlẹ̀ náà wà ní orí gbogbo ojú ewé tí a bá kọ.

Ní ìparí, àyẹ̀wò kan wà tí ó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, bí ẹ̀rọ náà bá ṣì wà lọ́wọ́ tí ibi tí a fi pamọ́ sínú rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ Gámìn, ẹ lọ sí `Setup`, lẹ́yìn náà `Position Format`, kí ẹ sì yan `hddd.ddddd°`. Ibi tí a ti fi pamọ́ kò yí padà. Bí a ṣe ń kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ nìkan ni ó yí padà. Ẹ ṣí Mowe, kí ẹ fi ohun tí ẹ̀rọ kọ wé èyí tí ó wà ní `F2` àti `K2`. Bí wọ́n bá bá ara wọn mu dé nọ́ńbà kẹrin lẹ́yìn désímà, ìlànà yín tọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ibi mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ tó gbé ìwé náà fún ẹlòmíràn. Kí ẹ sì jẹ́ kí òpó `B` dé `D` àti `G` dé `I` wà níbẹ̀ títí, kí ẹ má ṣe pa wọ́n rẹ́ nítorí pé èsì ti jáde, nítorí pé àwọn ni ẹ̀rí ohun tí ojú rí ní oko.